Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọmọ Mi, Lórí Káàdì Abẹ́rẹ́ Tí Kò Pé

Ìlọrin,
Ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi àti Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nípasẹ̀ Alága Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́.

Alhaja,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn olùkọ́ tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìwọlé tuntun.

Ní ọjọ́ tí mo mú ọmọ mi obìnrin wá fún ìforúkọsílẹ̀, akọ̀wé yín gba ìwé-ẹ̀rí ìbí rẹ̀, ó gba fọ́tò, ó sì béèrè káàdì abẹ́rẹ́. Ohun tí mo yọ jáde nínú ọ̀rá kì í ṣe káàdì mọ́, àjákù páálí ni. Ìjì òjò kan ló ká òrùlé ilé wa ní ọdún tó kọjá, omi wọ inú àpótí ìwé, nígbà tí a ó sì fi rí káàdì náà, bírò ti ṣàn kúrò lójú rẹ̀, ó kù díẹ̀ lára orúkọ ọmọ àti oṣù tí wọ́n bí i. Mo sá a sórí àwo lẹ́bàá ààrò, àwọn ewé rẹ̀ sì ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan bí ewé àlùbọ́sà. Akọ̀wé wò ó, ó wò mí, ó sì fi bírò pupa kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù pé, «Káàdì kò pé.» N kò bínú sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, òótọ́ sì ni ó kọ.

Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ní kí n lọ kọ àlàyé wá. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ ní gbangba ni pé nínú àwọn ìyá tí a jọ tò lọ́jọ́ náà, mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ wọn jọ tèmi, ọ̀kan nínú wọn sì ti pinnu láti lọ ra káàdì tuntun tí wọ́n ti kọ ọjọ́ gbogbo sí tán. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ káàdì rírà yẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo rí gbà padà, ohun tí n kò rí, àti ohun tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe.

Ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2021 ni mo bí ọmọ yìí, ní Òmù-Àrán, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Nígbà tí a pàdánù káàdì, ohun tí mo rò ni pé gbogbo rẹ̀ ti parí, pé àfi kí wọ́n tún gbogbo abẹ́rẹ́ gún láti ìbẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní àdúgbò wa níbí ló là mí lójú. Ó ní káàdì tó wà lọ́wọ́ ìyá jẹ́ ẹ̀dà ni, ibi tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ ní rẹ́jísítà tí wọ́n ń kọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí, orúkọ rẹ̀, orúkọ ìyá, ọjọ́ ìbí, àti ọjọ́ tí ó gba abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ lórí ìlà kan ṣoṣo. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ìwé mìíràn hàn mí, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń fa ìlà kékeré sí fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gún ní ọjọ́ kan. Ìwé yẹn lè sọ pé ọmọ méjìdínlógún gba abẹ́rẹ́ lónìí, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé ọmọ tèmi wà lára wọn.

Mo wọ mọ́tò ní Gáréèjì Ọ̀fà, mo gba Àjàṣẹ́-Ìpo, mo sì dé Òmù-Àrán kí oòrùn tó mú. Oṣù ìbí tó kù lára páálí yẹn ló ràn wá lọ́wọ́, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń bí àwọn ọmọ ni wọ́n ń tò wọ́n sínú rẹ́jísítà. Ìyáàfin tó ń tọ́jú ìwé fi ìka rẹ̀ tọ ojú ewé náà wálẹ̀ títí ó fi dúró lórí orúkọ mi, tí wọ́n sì ṣì kọ. Orúkọ ọmọ gan-an kò sí níbẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, a kò tíì sọ ọ́ lórúkọ, «ọmọ» lásán ni wọ́n kọ, tí wọ́n sì kọ orúkọ tèmi tẹ̀lé e. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ bá ń ka lẹ́tà yìí, tí ẹ bá fẹ́ lọ wá ti ọmọ yín, orúkọ ara yín ni kí ẹ wá, kì í ṣe ti ọmọ.

Ìlà kan yẹn sọ ohun mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ó gba abẹ́rẹ́ ikọ́ fée, ti mẹ́dọ̀wú, àti ẹ̀kán rọpárọsẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, tí ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà géérégé, ó gba Pẹ́ńtà kìn-ín-ní, abẹ́rẹ́ òtútù àyà kìn-ín-ní, àti ẹ̀kán rọpárọsẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin, ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ó gba èkejì wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, òfìfo ni gbogbo àpótí tó kù lórí ìlà náà. Nítorí àwọn tí orúkọ yìí kò yé, Pẹ́ńtà ni abẹ́rẹ́ alákànpọ̀ tó ń dènà àìsàn márùn-ún pọ̀: gbọ̀fungbọ̀fun, ipá, ikọ́ awúbì, mẹ́dọ̀wú, àti kòkòrò kan tó ń fa òtútù àyà àti yírùnyírùn nínú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gún un.

Oṣù Karùn-ún ọdún 2021 ni a kó wá sí Ìlọrin. Mo mọ̀ dájú pé ọmọ yìí gba ẹ̀kẹta Pẹ́ńtà ní ibùdó ìlera kan níbí, nítorí pé itan rẹ̀ wú ní alẹ́ ọjọ́ náà, bàbá rẹ̀ sì gbé e rìn yíká pálọ̀ títí di ìdájí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà lọ síbẹ̀ ní oṣù tó kọjá, wọ́n ní ikán ti jẹ rẹ́jísítà ọdún yẹn nínú yàrá tí wọ́n kó ìwé sí, wọ́n sì fi ohun tó kù hàn mí. N kò ní jiyàn pẹ̀lú ikán. Ìlànà tí nọ́ọ̀sì ń tẹ̀lé ni pé abẹ́rẹ́ tí kò bá sí ní àkọsílẹ̀, kí a kà á sí èyí tí ọmọ kò gbà, ì báà jẹ́ pé ìyá rántí bí itan ṣe wú. Ó kọ́kọ́ dùn mí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó wò, mo rí i pé ó bọ́gbọ́n mu, nítorí pé ọmọ tó gba Pẹ́ńtà kan lé kò ní ju kí apá tàbí itan rẹ̀ wú díẹ̀, kí ara rẹ̀ sì gbóná fún ọjọ́ kan, nígbà tí ọmọ tí kò gbà á rárá wà lójú ewu gidi.

Bákan náà ni ẹ̀kán tí wọ́n ń fi sí ọmọ lẹ́nu láti ilé dé ilé. Ọmọ mi gba ìyẹn bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, a sì máa ń rí inkì dúdú lórí ìka rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ó ṣe é láǹfààní, ṣùgbọ́n wọn kò kà á mọ́ ti káàdì, inkì sì ti parẹ́ ní ìka rẹ̀ tipẹ́.

Ohun kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ fi ń jẹ́rìí ni abẹ́rẹ́ ikọ́ fée. Tí ẹ bá ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè ní apá òsì, ẹ ó rí àpá róbótó kan níbẹ̀, tí kò tóbi ju hóró ẹ̀gúsí lọ, tí ojú rẹ̀ jin wọlé díẹ̀. Àpá yẹn kì í jáde lára gbogbo ọmọ, nítorí náà kí olùkọ́ má ṣe fi ìyẹn nìkan dá ọmọ mìíràn lẹ́jọ́, pé bí kò bá ní àpá, kò gbà á. Ṣùgbọ́n níbi tí àpá bá wà, tí rẹ́jísítà sì sọ ohun kan náà, ọ̀rọ̀ ti parí.

Mo dé ibi tí ẹ̀bi wà báyìí, n kò sì ní fi òjò tàbí ikán bò ó. Àwọn abẹ́rẹ́ oṣù kẹsàn-án, ìyẹn ti éèyi tí àwọn mìíràn ń pè ní mísùsù, ti ibà apọ́njú, àti ti yírùnyírùn, ọmọ mi kò gba ìkankan nínú wọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, mo gbé e lọ. Ìyá mẹ́rin ni a jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì kà wá, ó sì ní kí a padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tó fà á ni pé lẹ́búlẹ́bú ni abẹ́rẹ́ éèyi wà nínú ìgò rẹ̀, ọmọ mẹ́wàá ni ìgò kan sì wà fún. Tí wọ́n bá ti da omi rẹ̀ sí i, wákàtí mẹ́fà péré ló ní, lẹ́yìn èyí wọ́n gbọ́dọ̀ dà á nù, ìbáà jẹ́ pé ọmọ méjì péré ni wọ́n ti gún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ibà apọ́njú. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ máa ń dúró kí ọmọ tó pé jọ dáadáa kí wọ́n tó ṣí ìgò, kí wọ́n má baà bèèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ló dé tí wọ́n fi da oògùn nù. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí wọ́n ṣí i bó ti wù kí ọmọ ọ̀hún kéré níye, nítorí pé ìyá tí wọ́n bá dá padà lè má tún wá mọ́. Mo jẹ́ ẹ̀rí ìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní abẹ́rẹ́ kò sí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tajà ní Ọjà-Ọba, ọjọ́ abẹ́rẹ́ sì bọ́ sí ọjọ́ tí mo ń gba ọjà, mo ní ó di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ọ̀sẹ̀ mìíràn yẹn ló di ọdún mẹ́rin dín díẹ̀. Àwọn tó dá mi padà lẹ́ẹ̀mejì ní ẹ̀bi tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kẹta dé ìgbà tó kẹ́yìn, èmi ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sì ti gbé e lé òbí lọ́rùn pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì gba gbogbo àjẹsára rẹ̀ tán.

Ó yẹ kí n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá lórí ibà apọ́njú. Ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ni mí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, níbẹ̀ ni wọ́n ti rí àìsàn yẹn lára ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan, òun sì ni ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó wá tàn ká ìpínlẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ dé ní oṣù Kẹwàá, láti ọmọ oṣù mẹ́sàn-án títí dé ẹni ọdún márùnlélógójì ni wọ́n ń gún. Èmi àti ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí jọ tò lórí ìlà láti òwúrọ̀. Káàdì tí wọ́n fún un nígbà náà wà ní ilé bàbá mi ní Ìgbájà, òjò Ìlọrin kò sì lè kàn án níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà tí ó gba abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú yẹn tó o títí ayé, kò nílò òmíràn mọ́. Àbúrò rẹ̀ tí a bí lẹ́yìn rẹ̀ ni kò ní ohunkóhun títí di ọ̀sẹ̀ yìí. Nígbà tí mo bá ro ìyẹn, ara mi kì í balẹ̀.

Nísinsìnyí, ètò tí a ṣe nìyí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 9 oṣù yìí, mo gbé ọmọ lọ sí ibùdó ìlera tó sún mọ́ wa, mo sì mú ìwé tí wọ́n fún mi ní Òmù-Àrán dání, èyí tí wọ́n kọ ohun tó wà nínú rẹ́jísítà sí, tí wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ lù. Mo bẹ̀rù pé wọn yóò ní ọmọ ọdún mẹ́rin ti dàgbà jù. Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ṣì wà lára àwọn tí wọ́n ń wá kiri láti dí àlàfo fún. Nọ́ọ̀sì ka ìwé náà, ó mú káàdì tuntun, ó sì kọ àwọn ọjọ́ ọdún 2021 sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ó kọ ọ́ pé láti inú rẹ́jísítà ni a ti dà á kọ, ó sì fi ọwọ́ sí i. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Kò ṣe bí ẹni pé òun ló gún un.

Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé a kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Pẹ́ńtà méjì tó gbà ní ọdún 2021 ṣì wà lára rẹ̀, àlàfo ọdún mẹ́rin kò pa wọ́n rẹ́, ẹ̀kẹta nìkan ló kù. Ó ní ohun tí wọn kì í gbà láyè ni kí àlàfo kéré jù, nítorí pé abẹ́rẹ́ tí a bá gún kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé lẹ́yìn èyí tó ṣáájú rẹ̀ kì í mú ara gbára bó ṣe yẹ, wọ́n máa ń tún un gún ni. Kí ó pẹ́ jù kò bà á jẹ́, ewu inú rẹ̀ ni pé ọmọ wà láìní ààbò ní gbogbo àsìkò náà.

Lẹ́yìn náà, ó pín abẹ́rẹ́ tó kù sí ọ̀nà méjì. Ti éèyi àti ti ibà apọ́njú jẹ́ èyí tí kòkòrò inú wọn ṣì wà láàyè bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti sọ agbára rẹ̀ di ẹ̀rọ̀, irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ méjì sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ní ọjọ́ kan náà, tàbí kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin wà láàrin wọn. Àwọn yòókù kò ní irú ìṣòro yẹn. Nítorí náà, ó fi àwọn méjèèjì ṣáájú. Ọmọ méje ni a jẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì ṣí ìgò láìka ẹnikẹ́ni. Ó fi bírò kọ aago tó ṣí i sára ìgò, aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó sì gbé e sórí fóòmù inú kúlà. Ó gún éèyi sí apá òsì, ibà apọ́njú sí apá ọ̀tún, Pẹ́ńtà kẹta sí itan kan, abẹ́rẹ́ òtútù àyà sí itan kejì, ó sì kán ti rọpárọsẹ̀ sí i lẹ́nu. Nígbà tí ọmọ náà ń sunkún, ó wò mí bí ẹni tí mo ta lọ́jà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá, ni èkejì, èyí tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin géérégé. Lọ́jọ́ náà ni yóò gba éèyi ẹlẹ́ẹ̀kejì, ti yírùnyírùn, àti abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀, èyí tó yàtọ̀ sí ẹ̀kán ẹnu. Ìdí tí éèyi fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni pé ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣiṣẹ́ lára gbogbo ọmọ. Lára àwọn tó gbà á ní oṣù kẹsàn-án, bíi 85 nínú 100 ni ó ń dáàbò bò, èkejì sì ni ó ń mú àwọn tó ṣẹ́ kù. Ẹ̀kẹta nínú àwọn ọjọ́ wa ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 2026, ọjọ́ kan kí ọmọ náà pé ọdún márùn-ún, fún abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ kejì, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí oṣù mẹ́rin ó kéré tán wà láàrin méjèèjì. Ibẹ̀ ni gbèsè rẹ̀ parí sí.

Mo mọ̀ pé akọ̀wé yín yóò wo káàdì tuntun náà, yóò sì rí àpótí mìíràn tó ṣófo, ìyẹn ti ìgbẹ́ gbuuru. Àpótí yẹn kì í ṣe gbèsè. Oṣù Kẹjọ ọdún 2022 ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ ìgbẹ́ gbuuru, tí í ṣe ẹ̀kán ẹnu, kún ètò àjẹsára orílẹ̀-èdè yìí, ọmọ mi ti lé ní ọdún kan nígbà náà, wọn kì í sì í fún ọmọ tó bá ti lé ní ọdún méjì. Ti àrùn jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ náà ṣófo, ìyẹn sì ń dúró de ìgbà tí yóò bá pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi padà sórí káàdì rírà. Ẹnì kan sọ fún mi lójú ọ̀nà pé òun mọ ibi tí wọ́n ti lè bá mi kọ káàdì tó pé pérépéré, kí n sá mú ọjọ́ ìbí ọmọ wá. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé òun ni yóò bá mi gba éèyi nígbà tó bá dé. Alhaja, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí káàdì tó mọ́ tónítóní tàn yín jẹ. Káàdì tòótọ́ máa ń ní ìdọ̀tí, bírò búlúù níbí, dúdú níbẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé nọ́ọ̀sì mẹ́ta mẹ́rin, nítorí pé oṣù tó yàtọ̀ síra ni wọ́n kọ ọ́. Ọjọ́ rẹ̀ kì í bára dọ́gba tán, ọmọ a máa ṣàìsàn, òjò a máa rọ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí ọwọ́ ìkọ̀wé kan ṣoṣo láti ìbí dé oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, tí kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ pé láti inú rẹ́jísítà ni, ẹ béèrè. Níbi tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ ibùdó ìjọba bá ti bọ́ sí ọjọ́ Àìkú léraléra, ẹ béèrè. Tí ẹ bá sì rí káàdì ibùdó ìjọba tó sọ pé ọmọ gba ẹ̀kán ìgbẹ́ gbuuru ní ọdún 2021, ẹni tó kọ ọ́ kò mọ ìgbà tí ẹ̀kán náà dé. Mo sọ èyí nítorí pé bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń lé ọmọ tí káàdì rẹ̀ kò pé, tó sì ń gba èyí tí wọ́n rà láìbéèrè, àwọn òbí yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń ra á ni, àwọn ọmọ tí kò ní ààbò yóò sì jókòó sínú kíláàsì pẹ̀lú ìwé tó pé.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni kí ẹ gba ọmọ mi wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, kí ẹ sì kà á sí ẹni tó wà lójú ọ̀nà, pẹ̀lú àwọn ọjọ́ tí mo kọ sókè yìí nínú fáìlì rẹ̀. Fọ́tókọ́pì ìwé Òmù-Àrán àti ti káàdì tuntun wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Tí mo bá fi ọ̀sẹ̀ kan kọjá èyíkéyìí nínú àwọn ọjọ́ náà láìmú káàdì wá, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti ní kí ó dúró sílé títí n ó fi mú un wá, n kò ní bá yín jà.

Àwọn nǹkan méjì kan wà tí mo fẹ́ kí olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ mọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé abẹ́rẹ́ éèyi máa ń mú ara àwọn ọmọ kan gbóná díẹ̀, ó sì lè mú kí ara wọn sú wẹ́wẹ́, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n gún un, bí kò ṣe bíi ọjọ́ kẹfà sí ìkejìlá. Fún ti ọmọ mi, ìyẹn yóò bọ́ sáàrin ọjọ́ 15 sí ọjọ́ 21 oṣù yìí. Tí olùkọ́ bá rí i lára rẹ̀ nígbà náà, kí ó pè mí, n ó wá mú un lọ sílé kí ó sinmi, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe pariwo pé éèyi ti wọ ilé-ẹ̀kọ́, nítorí èyí tí abẹ́rẹ́ fà kì í ràn ọmọ mìíràn. Èkejì ni éèyi gidi. Tí ọmọ kan bá mú un wá sí kíláàsì kí ó tó di ọjọ́ 23 oṣù yìí, tí abẹ́rẹ́ tó gbà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró kí ara ẹnikẹ́ni tún sú kí ẹ tó pè mí. Ẹni tó ní éèyi ti ń ràn án láti bíi ọjọ́ mẹ́rin kí ara rẹ̀ tó sú rárá, nígbà tí ikọ́ àti ojú pípọ́n nìkan ṣì ni a rí, tí gbogbo wa sì ń rò pé ọ̀fìnkìn ni. Mo fẹ́ kí ó wà nílé lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Rú, ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá, kí aago tó lù, n ó mú káàdì náà wá sí ọ́fíìsì akọ̀wé. N ó tún mú un wá ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì, tí í ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ náà. Kí akọ̀wé má ṣe pa ohun tó fi bírò pupa kọ rẹ́ títí di ìgbà náà. Òun fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ó fa ìlà lé e lórí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá ọmọ náà.